Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà: kí ni kí n fi yí àwọ̀ irun padà nínú fọ́tò?

Onídìrí Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Oníbàárà á jókòó, á ní òun ò mọ̀ bóyá àwọ̀ 99J tó pọ́n ló máa bá òun mu tàbí 27 tó dà bí oyin. Mo fẹ́ fi hàn án lórí fọ́tò rẹ̀ kí n tó já àtáṣímẹ́ǹtì. Mo sì tún fẹ́ ṣe bánà ṣọ́ọ̀bù. Ṣé áàpù orí fóònù tó, àbí kí n lọ kọ́ Photoshop?

Àdùkẹ́ 613: YouCam Makeup ni kí ẹ gbé sórí fóònù. Ẹ kọjú kámẹ́rà sí oníbàárà, ẹ tẹ àwọ̀, irun á yí padà lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe ń yíjú ni àwọ̀ náà ń tẹ̀lé e. Kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe tí fóònù ò lè ṣe.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣọ́ra fún dáì o! Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn etí, kí ẹ dúró fún wákàtí 48. Ó ti bó mi lórí rí.

Onídìrí Mọ́kọ́lá: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Fọ́tò ni mo fẹ́ kùn, kì í ṣe irun gan-an.

Bàbá Onífótò: Fún ẹni tó jókòó síwájú yín, òótọ́ ni Àdùkẹ́ sọ, fóònù ló yá. Ṣùgbọ́n ẹ ya ẹni tó di ṣùkú, ẹ fi áàpù sọ irun rẹ̀ di 99J, kí ẹ wá fi ìka méjì fẹ àwòrán náà. Awọ orí tó hàn láàrin ìlà irun kan sí èkejì á ti pọ́n pẹ̀lú irun. Gbogbo orí ni áàpù ń mú pọ̀, ìlà tín-ín-rín ò yé e. Ṣónṣó irun tó bọ́ sórí àǹkárá, ó lè fi í sílẹ̀ ní dúdú. Lójú fóònù, èèyàn lè má rí i. Lórí bánà, ẹni tó ń kọjá ní òdìkejì títì á rí i.

Lórí kọ̀ǹpútà, èmi ni mò ń sọ ibi tí irun pin sí. Nínú Photoshop, mo máa wọ Select and Mask, mo máa tẹ Refine Hair kó bá mi mú àwọn irun wẹ́wẹ́ etí iwájú orí. Lẹ́yìn náà ni mo máa fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú yọ awọ orí kúrò nínú máàsìkì, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Ibẹ̀ ló ń gba àkókò. Oníbàárà ò lè jókòó dè é.

Ó tún ku ibì kan. Tí ẹ bá da àwọ̀ sórí lẹ́yà tuntun, tí ẹ yí blend mode rẹ̀ sí Color, kò ní fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn tó wà nísàlẹ̀. 99J fúnra rẹ̀ ṣókùnkùn, nítorí náà ìyọnu rẹ̀ ò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ da 613 tó mọ́lẹ̀ yòò lé irun 1B tó dúdú, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan. Àfi kí ẹ kọ́kọ́ fi Curves tan ìmọ́lẹ̀ sí irun náà. Tí ẹ bá tàn án jù, á di eérú, á rí wínníwínní bí iyanrìn. Ìyẹn ni pé fọ́tò ọ̀hún ò gbé nǹkan kan pamọ́ sínú dúdú yẹn. Ẹ tún un yà lẹ́bàá fèrèsé.

Àdùkẹ́ 613: Bàbá, áàpù tèmi ń gbé 613 lé irun dúdú láìsí gbogbo wàhálà yìí.

Bàbá Onífótò: Ó ń gbé e. Ṣùgbọ́n wo irun náà dáadáa, ojú ìdì rẹ̀ á ti parẹ́. Oníbàárà tó fẹ́ mọ bí ìdì ṣe máa rí nínú 613 ò rí ohun tó ń wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì: Ẹni tí kò lówó Photoshop lè lo GIMP, ọ̀fẹ́ ni. HSL Color ni wọ́n ń pe Color yẹn níbẹ̀. Kò ní Refine Hair, ọwọ́ ni ẹ máa fi ṣe é. Ẹ má sì fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp lásán. Document ni kí ẹ yàn, torí fífún tó ń fún fọ́tò pọ̀ máa ń ba inú irun dúdú jẹ́, ẹ máa rí i tí ẹ bá lo Curves.

Onídìrí Mọ́kọ́lá: Ó yé mi, ẹ ṣé gan-an. Àwọ̀ ojú ẹ̀rọ ńkọ́? Ṣé ó máa bá ti inú ọ̀rá mu?

Bàbá Onífótò: Ẹ gbé àtáṣímẹ́ǹtì gan-an sí ẹ̀gbẹ́ ojú oníbàárà, ẹ ya méjèèjì pa pọ̀, kí ẹ wá fi Eyedropper fa àwọ̀ láti ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ló wà lórí àwọn méjèèjì, gílóòbù pupa ò ní tàn yín jẹ.

Àdùkẹ́ 613: Tí àtáṣímẹ́ǹtì bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, oníbàárà ti rí i nìyẹn. Kí la tún ń fọ́tò ṣe?

Onídìrí Mọ́kọ́lá: Ìdì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ò jọ gbogbo orí, Àdùkẹ́. Ohun tó ń kó wọn láyà sókè nìyẹn. Màá máa lo áàpù nínú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá, èló ni ẹ máa gbà ṣe fọ́tò ṣùkú kan fún bánà?