Kí ló pa Mozart gan-an?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àkọsílẹ̀ àtijọ́ kà, ẹ bá mi dá sí i. Nígbà tí Mozart kú ní Vienna ní oṣù Kejìlá 1791, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé òkú ni ibà líle tó ń sú sí ara. Àmì àìsàn nìyẹn o, kì í ṣe àrùn. Ìwé ìròyìn kan ní Berlin ní òkú rẹ̀ wú, àwọn kan sì ń rò ó sí májèlé. Ní 1824, Dókítà Guldener kọ lẹ́tà pé ibà làkúrègbé tó ń jà nílùú nígbà náà ni. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló tọ́jú rẹ̀, ọdún 33 sì ti kọjá. Tí mo bá ka àkọsílẹ̀ àwọn mìíràn tó kú ní Vienna lóṣù yẹn, ṣé ó lè gbe lẹ́tà náà lẹ́sẹ̀?