Ẹ bá mi dá sí i o: àdéhùn gráǹtì ojú ìwé 34, ọjọ́ wo gan-an ni rìpọ́ọ̀tù wa?

Akáwó Àjọ

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Èmi ni mo ń bójú tó owó ní àjọ kékeré kan, èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀, kò sí lọ́yà kò sí kọ́ńsọ́tántì. Dónọ̀ kan ti fún wa ní gráǹtì, àdéhùn rẹ̀ jẹ́ ojú ìwé 34 pẹ̀lú àfikún mẹ́ta lẹ́yìn, Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n yọ nǹkan mẹ́ta jáde sórí ojú ìwé kan: ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí owó tó máa wọlé, ọjọ́ tí rìpọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, àti ohun tí wọ́n gbà ká ná owó yẹn lé lórí.

Ibi tó rú mi lójú nìyí. Àdéhùn ní iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1 Fẹ́búárì 2025, ó parí ní 31 Jánúárì 2026, ṣùgbọ́n 17 Máàṣì 2025 ni àwọn dónọ̀ tó buwọ́ lù ú. Abala 7 ní ká máa fi rìpọ́ọ̀tù owó ránṣẹ́ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, láàárín ọjọ́ 30 tí oṣù mẹ́ta bá parí, ti ìkẹyìn sì jẹ́ láàárín ọjọ́ 60 tí iṣẹ́ bá parí. Oṣù mẹ́ta láti ìgbà wo? Láti ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni àbí láti ìgbà tí wọ́n buwọ́ lù ú?

Bọ́jẹ́ẹ̀tì wa: owó oṣù 24,000, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 18,000, ohun èlò 6,000, ìrìnnà 4,000, dọ́là ni gbogbo ẹ̀, wọ́n wá fi 10% lé e fún ìṣàkóso, ìyẹn 5,200. Ìrìnnà yìí kò ní tó wa, mo ti rí i. Lápútọ́ọ̀pù kan sì tún wà níbẹ̀ tí ọ̀gá wa bèèrè fún ní 20 Jánúárì, ínfọ́ìsì dé ní 28 Jánúárì, a wá san owó ẹ̀ ní 5 Fẹ́búárì. Ṣé ó lè wọ inú gráǹtì yìí? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí níyànjú.

Ìyá Ibeji

Má yọ ara rẹ lẹ́nu jàre, ọjọ́ 120 lẹ ní fún rìpọ́ọ̀tù ìkẹyìn. Owó ìjọba Amẹ́ríkà làwa náà ń gbà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nínú òfin wọn nìyẹn. Ìṣàkóso náà sì ti kúrò ní 10%, ó ti di 15%, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fún yín ní 15%.

Káyọ̀dé M&E

Ti ìrìnnà yẹn kò le rárá. Ìlànà tí gbogbo dónọ̀ ń lò ni pé ẹ lè yí 10% padà láìgba àṣẹ. Gbogbo owó yín jẹ́ 57,200, 10% rẹ̀ jẹ́ 5,720, ẹ kàn yọ ọ́ kúrò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kẹ́ ẹ fi sí ìrìnnà, ó parí.

Ọmọ Ọ́dítọ̀

Akáwó, dúró ná, má tíì ṣe ìkankan nínú èyí.

Ìyá Ibeji, òótọ́ lẹ sọ nípa tiyín, ṣùgbọ́n òfin 2 CFR 200 nìyẹn, owó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ń bá wí. Níbẹ̀ gan-an, 120 jẹ́ ti ẹni tó gba owó tààrà lọ́wọ́ ìjọba, ẹni tó bá gbà á lábẹ́ ẹlòmíì, 90 ni tiẹ̀. 15% náà, láti 1 Ọ́kítóbà 2024 ni, àwọn tí kò ní iye tí wọ́n ti bá ìjọba fẹnu kò sí ló wà fún. Tí àdéhùn Akáwó kò bá dárúkọ òfin yẹn, kò kàn án rárá. 60 tó wà nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀ lòfin rẹ̀.

Akáwó, kí o tó ka ọjọ́ kankan, wá ibi tí wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀, ó máa ń wà níwájú àdéhùn tàbí nínú àfikún àwọn òfin gbogboogbò. Wo ohun tí wọ́n pè ní "quarter" níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wá gbólóhùn kan tó máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ìwé, tó sọ pé tí abala kan bá ta ko àfikún, èwo ló borí. Tí o kò bá ní méjèèjì lọ́wọ́, ohun tí o bá kọ fún ọ̀gá rẹ, àbá lásán ni.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é: mo máa ń ṣí Excel, mo máa ń kọ nọ́ńbà abala, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ wọn gan-an láìyí ẹyọ kan padà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ ohun tó ní ká ṣe sí, ẹni tó máa ṣe é, ọjọ́, àti ìwé tí a máa fi hàn pé a ṣe é. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ṣe pàtàkì torí tí àríyànjiyàn bá dé, kò sẹ́ni tó máa wo èyí tí ìwọ kọ. Àwọn tí mo máa ń fi Ctrl+F wá nìyí:

```
shall
must
within
no later than
received
prior written approval
ineligible
```

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí o gbọ́dọ̀ kà á tán, torí àwọn kan máa ń kọ òfin láìlo ìkankan nínú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. Tí àfikún bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi síkánà yà, Ctrl+F kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, á wá dà bíi pé kò sí òfin. Fi máòsì fa orí ọ̀rọ̀ náà, tí kò bá mú un lẹ́yọ-lẹ́yọ, àwòrán nìyẹn, ojú lo máa fi kà á.

Akáwó Àjọ

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n. Mo ti wò ó. Àfikún B ni ìtumọ̀ wà: "quarter" jẹ́ Jánúárì sí Máàṣì, Éépírì sí Júùnù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àfikún C, èyí tí bọ́jẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, síkánà ni lóòótọ́, Ctrl+F kò mú nǹkan kan. Mo fojú kà á, mo wá rí àkíyèsí kan lábẹ́ tábìlì ní lẹ́tà kékeré: ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lè kọjá iye rẹ̀ pẹ̀lú 10% láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí nǹkan kan wọ inú ohun èlò láti ìlà míì.

Ọmọ Ọ́dítọ̀

Ìdáhùn rẹ ti dé nìyẹn. Kálẹ́ńdà ni wọ́n ń kà. Rìpọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ yín kò ní ju oṣù méjì lọ, 1 Fẹ́búárì sí 31 Máàṣì, ó sì gbọ́dọ̀ dé ní 30 Éépírì. Ká ní o kà á láti 1 Fẹ́búárì ni, ò bá máa retí 30 Méè, o ti pẹ́ lóṣù kan nìyẹn kí o tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kù jẹ́ 30 Júláì, 30 Ọ́kítóbà, àti 30 Jánúárì 2026. Ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú kò yí èyí padà, àyàfi tí abala kan bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ti ìkẹyìn, má kọ "oṣù méjì" sínú tábìlì rẹ. Ọjọ́ 60 ni wọ́n kọ:

```
=DATE(2026,1,31)+60
=EDATE(DATE(2026,1,31),2)
```

Ti òkè máa fún ọ ní 1 Éépírì 2026, ti ìsàlẹ̀ 31 Máàṣì. Ẹni tó ní ọjọ́ 60 tó lo ti ìsàlẹ̀ kò pàdánù ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n ní ìgbà míì nínú ọdún, oṣù méjì máa ń ju ọjọ́ 60 lọ, ìgbà yẹn ló máa ń bu ni jẹ. Wo bóyá wọ́n kọ "received" tàbí "sent". Tó bá jẹ́ "received", ọjọ́ tí rìpọ́ọ̀tù balẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni, kì í ṣe ọjọ́ tí o tẹ ẹ́ ránṣẹ́.

Káyọ̀dé, o rí i báyìí? 10% ìlà ni, kì í ṣe 10% gbogbo owó. Ìrìnnà 4,000 lè dé 4,400, kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ká ní Akáwó tẹ̀ lé 5,720 yẹn, ó máa ná 9,720 sórí ìlà tí wọ́n gbà 4,400 fún, 5,320 tó kù di gbèsè àjọ.

Káyọ̀dé M&E

Mo gbọ́ o. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, gbogbo owó ni wọ́n kọ ọ́ sí nínú àdéhùn tiwa, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ti lápútọ́ọ̀pù, èmi ṣì gbà pé ó lè wọlé. 5 Fẹ́búárì ni owó jáde ní báǹkì, gráǹtì ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé báǹkì ni ọ́dítọ̀ máa wò.

Ọmọ Ọ́dítọ̀

Ìwé báǹkì nìkan kọ́. Mo máa béèrè ìwé tí wọ́n fi bèèrè ọjà, ínfọ́ìsì, àti ìwé tó fi hàn pé ọjà dé. Tí àdéhùn bá ní ìnáwó gbọ́dọ̀ jẹ́ "incurred" láàárín àkókò iṣẹ́, ọ̀pọ̀ máa ní ọjọ́ tí ẹ jẹ gbèsè yẹn ni, Jánúárì sì ni ẹ jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ "paid" ni wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé lè dúró. Akáwó, èwo ló wà níbẹ̀?

Akáwó Àjọ

"Incurred and paid" ni wọ́n kọ, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Ọ́dítọ̀

Á jẹ́ pé méjèèjì gbọ́dọ̀ bọ́ sínú àkókò náà. Lójú tèmi, lápútọ́ọ̀pù yẹn kò lè wọlé, àfi tí wọ́n bá fọwọ́ sí i ní kíkọ. Fi sí owó àjọ fúngbà díẹ̀, má kọ ọ́ sí rìpọ́ọ̀tù 30 Éépírì.

Ìyá Ibeji

Ẹ̀yin ò tíì sọ ti owó tó ń wọlé o, òun sì lọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè. Tiwa, wọn kì í fún wa ní ìpín kejì bí a ò bá tíì ná iye kan nínú àkọ́kọ́. Rìpọ́ọ̀tù nìkan kò tó. Wo ibi tí wọ́n kọ ìyẹn sí.

Akáwó Àjọ

Ìyá Ibeji ẹ ṣé gan-an, ó wà níbẹ̀, abala 5. Ìpín àkọ́kọ́ jẹ́ 25,000, ó máa wọlé tí a bá fi lẹ́tà báǹkì ránṣẹ́ pé a ya àkáǹtì sọ́tọ̀ fún gráǹtì náà. Ìpín kejì ń dúró de rìpọ́ọ̀tù tí wọ́n gbà wọlé AND kí a ti ná 70% àkọ́kọ́.

Ọmọ Ọ́dítọ̀

70% 25,000 jẹ́ 17,500. Tó bá di 30 Júùnù tí ẹ ṣì wà ní 15,000, rìpọ́ọ̀tù 30 Júláì lè dé lásìkò kó sì pé pérépéré, owó kò ní wọlé, ẹ máa wá dúró títí di ti Ọ́kítóbà. Kọ 17,500 yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ rìpọ́ọ̀tù nínú tábìlì, má yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ọ̀gá rẹ rí i pé ọ̀kan ń dúró de èkejì. Kí o sì béèrè bóyá ọjà tí ẹ ti bèèrè ṣùgbọ́n tí ẹ ò tíì sanwó ẹ̀ wà nínú 70% náà.

Jánúárì 2026 náà wà níbẹ̀ tí ń kò lè dá ẹjọ́ ẹ̀: ṣé rìpọ́ọ̀tù tiẹ̀ wà lọ́tọ̀ ni àbí inú ti ìkẹyìn ló máa wọ̀? Kọ íméèlì kan ṣoṣo sí ẹni tó ń bójú tó gráǹtì yín lọ́dọ̀ dónọ̀, fi ìbéèrè mẹ́ta yìí sínú ẹ̀, kọ nọ́ńbà abala sí ìkọ̀ọ̀kan. Má fi fóònù béèrè.

Akáwó Àjọ

Mo ti kọ ọ́: lápútọ́ọ̀pù, 70%, àti Jánúárì. Mo fi kẹrin kún un, torí abala 11 ní ká tẹ̀ lé ìwé ìlànà ìrajà wọn, wọn ò sì fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí wa rí. Ìwé lápútọ́ọ̀pù ti kúrò nínú fáìlì gráǹtì báyìí. Tí wọ́n bá fèsì, màá gbé e wá síbí.