Ímeèlì sí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Òṣogbo: ìgbà wo ni kí n dákẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń ya fọ́tò yàrá fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké l'Òṣogbo, mo sì fẹ́ fi ímeèlì wá oníbàárà kí ọdún Ọ̀ṣun inú oṣù Kẹjọ tó dé. Wọn ò mọ̀ mí rí, nítorí náà ohun tí mo rí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Géètì nìkan ló wà nínú fọ́tò hòtẹ́ẹ̀lì yín lórí Google Maps, àlejò ò rí yàrá. Ṣé kí n fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ mi ránṣẹ́?" Ó parí.

Àárọ̀ Túsìdeè ni àkọ́kọ́ ń lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ 3, màá fi ìkejì sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò kan. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí i, màá ní mi ò ní yọ wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́, mo ti yọ ọ́ nìyẹn. Àdírẹ́sì tó bá dá ímeèlì padà, mi ò ní tún un gbìyànjú. Bó bá pọ̀ jù, inú Spam ni tèmi yòókù máa ń bọ́ sí.

Ibi tó rú mi lójú rèé: ìyá kan l'Òkè-Fìà fèsì pé, "Ẹ jẹ́ á ṣọdún tán ná." Ṣé ọgbọ́n àtikọ̀ nìyẹn, àbí kí n padà lóṣù Kẹsàn-án? Àwọn tó dákẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kẹta ńkọ́, ṣé kí n yà sọ́dọ̀ wọn fúnra mi?