“Mo lè” ni àbí “mo ti”? Lórí bí ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò

Olùkọ́ Kíláàsì Kìíní, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà wa. Ète ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìwé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí: “Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè kọ orúkọ ẹ̀yà ara márùn-ún pẹ̀lú àmì ohùn tó yẹ.” Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é, mo wá kọ “òṣùwọ̀n-àṣeyege” sójú pátákó: “Mo lè fi àmì ohùn sí orúkọ ẹ̀yà ara márùn-ún.” Ọmọ 32 ni wọ́n. Gbogbo wọn ló máàkì ara wọn pé àwọn lè ṣe é. Nígbà tí mo wo ìwé wọn, 8 péré ló gbà á. Ibo ni mo ti ṣì í?

Bàbá Ìṣẹ́yìn:
Ọmọ mi, orúkọ tí o fún nǹkan náà ló ń bí mi nínú. Òṣùwọ̀n la fi ń wọn ẹrù lọ́jà. “Yege” ní tirẹ̀, bí ẹnì kan bá yege, ẹlòmíràn ti fìdí rẹmi nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá gbọ́ “yege” yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, kò sì ní gbà láé pé òun ni kò yege. Kí ló dé tí ẹ fi ń sáré so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ nígbà tí èdè ti ní ọ̀kan tó tó? Olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìwé kíkà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ ire, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ bí a bá ní a ti ṣe tán: “Ẹ̀rí dà?” A ó gbé síléètì sókè, a ó sì pe ohun tí a kọ: ọwọ́, re-mí, ẹsẹ̀, re-dò. Ẹ̀rí ni kí ẹ pè é.

Ìyá Ìbejì, Pẹ́kámù:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ní kíláàsì Yorùbá tí mo ń ṣe fáwọn ọmọ wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ Sátidé, ojú mẹ́ta ni mo máa ń yà sí ìsàlẹ̀ ìwé: ojú tó ń rẹ́rìn-ín, ojú tó dákẹ́, ojú tó fajú ro. Ọmọ á kun èyí tó bá bá a mu. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Olùkọ́, gbìyànjú ìyẹn, kò tiẹ̀ ní nílò orúkọ kankan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, inú ọmọ lẹ bi í, ẹ ò bi í ní iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ súìtì á kun ojú tó ń rẹ́rìn-ín bí gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ bá tiẹ̀ ṣì.
Olùkọ́, nǹkan tó rọrùn wà: sọ fún wọn pé fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í gba àmì. Ojú, imú, ẹnu, ọwọ́, ẹsẹ̀, ẹ wò ó, gbogbo wọn ló ṣófo níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ á wo iwájú ọ̀rọ̀, bó bá rí àmì, á pa á rẹ́.

Alábòójútó, Adó-Èkìtì:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kìíní láti ilé ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn. Bàbá, ẹ má bínú, orúkọ kọ́ ló ba iṣẹ́ olùkọ́ yìí jẹ́. “Lè” ni. Bi ọmọ ọdún mẹ́fà bóyá ó lè gun igi àgbọn, yóò ní òun lè gùn ún. Kò purọ́. Agbára rẹ̀ lo bi í, kò sì sí nǹkan kan lórí ìwé tí yóò wò kó tó dá ọ lóhùn. “Yóò lè” yẹ ìwé olùkọ́, nítorí olùkọ́ ń sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Lẹ́nu ọmọ, “mo ti” ló yẹ: “Mo ti kọ orúkọ márùn-ún.” Á fi ìka kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ìkarùn-ún dà? Òun fúnra rẹ̀ á rí i pé kò pé.
Ohun tí mo tún fẹ́ràn nínú “mo ti” ni bí a ṣe ń sẹ́ ẹ. Ọmọ tó bá ní “mi ò lè”, ó ti pe ara rẹ̀ ní aláìlágbára. Ọmọ tó bá ní “mi ò ṣe é”, ìbáwí ló ń retí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní “mi ò tíì ṣe é”, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́, pẹ́ńsùlù sì wà níbẹ̀ tó máa fi parí rẹ̀. Kò sí ọmọ tí ojú ń tì láti sọ ìyẹn.
Ó wá ku “fi àmì sí”. Olùkọ́, ṣé ẹnu wà nínú márùn-ún náà? Bó bá wà, o ti ní kí ọmọ fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí kò gba àmì rárá. Mo ti rí ẹ́nú, mo ti rí ẹ̀nù, lọ́wọ́ ọmọ tó ń pe ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ohun tí pátákó ní kó ṣe ló ṣe.
Báyìí ni mo ṣe máa ń ṣe é. Ọmọ á na ìka kan síwájú, á máa pe ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ìka á sì máa tẹ̀ lé ohùn. Bó bá pe ọwọ́, ìka á dúró, á gòkè. Bó bá pe ẹsẹ̀, á dúró, á sọ̀kalẹ̀. Bó bá pe ẹnu, á dúró, á tún dúró. Ohun tí mo kọ sójú pátákó ni: “Mo ti kọ orúkọ márùn-ún. Mo ti fi ìka pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì mi ti bá ìka mi mu.” Mo ya àwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìka tó gòkè pẹ̀lú àmì òkè, ìka tó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, ìka tó dúró pẹ̀lú àyè òfìfo, torí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì lè ka gbólóhùn tán. Má kọjá mẹ́ta. Bí o bá fi ìkẹrin kún un, wọn á kàn máa fa ìlà láìwo iṣẹ́.
Kí wọ́n tó yẹ tiwọn wò, kọ iṣẹ́ tó ní àṣìṣe sójú pátákó: ẹ́nú, ẹsẹ̀, ọwọ́, ojù, imú. Ọmọdé máa ń tètè rí àṣìṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó rí “ojù”, àlàyé rẹ kò tíì yé wọn, má tíì jẹ́ kí wọ́n máàkì nǹkan kan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá máàkì tán, mú ìwé márùn-ún, kí o máàkì wọn láìwo tiwọn, kí o wá fi wéra. Gbólóhùn tí ìwọ àti ọmọ kò ti fẹnu kò ni kí o tún kọ, má tíì bá ọmọ wí.
Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, òfin rẹ yóò pa ìka, yóò pa àyà, yóò pa ètè. Nínú orúkọ tí a kò yá láti èdè mìíràn, ohun tí fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í gbà ni àmì òkè.

Onígírámà, Ìbàdàn:
Mo ka gbogbo rẹ̀. “Ti” yìí kò pọn dandan. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń sọ ohun tí ènìyàn ṣe, bó bá dá wà, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. “Mo kọ orúkọ márùn-ún” ti tó. Ọdún 26 ni mo fi kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo sì ń pa á rẹ́ nínú ìwé wọn. Ẹ tún wo bí ẹ ṣe kọ “tíì”. “Tí ì” ló yẹ kó jẹ́, kí àyè wà láàárín wọn.

Alábòójútó, Adó-Èkìtì:
Ọ̀gá mi, mo gbà pé “mo kọ” ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wo ohun tó kù lọ́wọ́ ọmọ: “n kò kọ”. Ó ti parí náà nìyẹn, kò sí ibi tó máa gbà padà. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe di “ti” mú. Ti àyè láàárín “tí ì”, àwọn tó kọ́ èmi náà so ó pọ̀.

Onígírámà, Ìbàdàn:
Pé àwọn tó kọ́ yín so ó pọ̀ kò sọ ọ́ di òótọ́. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Olùkọ́ Kíláàsì Kìíní, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tèmi. Lóòótọ́, ẹnu wà nínú rẹ̀, 14 nínú àwọn ọmọ ló fi àmì sí i.
Mo tún ẹ̀kọ́ náà ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọbìnrin kan kọ “imù”. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Ó na ìka, ó pe imú, ìka rẹ̀ gòkè. Ó wo ìwé. Ó tún pè é, ìka tún gòkè. Ó mú írésà, ó pa àmì náà rẹ́, ó fi òmíràn sí i, ìgbà náà ló tó fa ìlà. Nínú ìwé márùn-ún tí mo mú, èmi àti ọmọ fẹnu kò lórí mẹ́ta. Àwọn méjì yòókù jókòó ti ara wọn. Mo wò wọ́n lọ́jọ́ kejì, mo rí i pé ìka aládùúgbò ni ọ̀kan ń wò, kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Mo ní kí wọ́n di ojú nígbà tí wọ́n bá ń pè é. Ọ̀kan ti ń ṣe é, èkejì ṣì ń yọjú.

Ìyá Ìbejì, Pẹ́kámù:
Mo gbìyànjú ìka náà lọ́dọ̀ wa, kò ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ń pe ọwọ́ bí ọ̀rọ̀ Òyìnbó, ohùn wọn ń jábọ́ níparí, ìka ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Àmì bá ìka mu, ọ̀rọ̀ sì ṣì. Wọ́n fa ìlà tayọ̀tayọ̀.

Alábòójútó, Adó-Èkìtì:
Ibi tí agbára ìka mọ nìyẹn. Ohùn ẹnu ọmọ ni ìka ń yẹ̀ wò, bí ohùn náà bá ṣì, kò sí ohun tí yóò sọ fún un. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa pe ọ̀rọ̀ fún wọn, tàbí kí ẹ gba ohùn ìyá àgbà sórí fóònù, kí ìka tẹ̀ lé ìyẹn. Àmọ́ kò tíì jẹ́ àyẹ̀wò tí ọmọ dá ṣe. N kò tíì rí ọ̀nà tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wọn.

Bàbá Ìṣẹ́yìn:
Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí orúkọ. Ẹ̀rí ń kọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:
Bàbá, ilé ẹjọ́ ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀. Jẹ́rìí, ẹlẹ́rìí. Ọmọ á rò pé ẹnì kan fẹ̀sùn kan òun. Ọmọ tó bá sì gbàgbé àmì tó wà lábẹ́ ẹ, tó fa ohùn gùn díẹ̀, èérí ló máa kọ, ìyẹn ìdọ̀tí.

Bàbá Ìṣẹ́yìn:
Kí wọ́n kọ́ ọmọ ní àmì abẹ́ lẹ́tà nígbà náà! Ṣé torí pé ọmọ lè gbàgbé la ó ṣe sọ ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa nù? “Rí” ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí a fi ojú rí lórí ìwé. Ohun tí Alábòójútó ti ń sọ látàárọ̀ nìyẹn.

Olùkọ́ Kíláàsì Kìíní, Ògbómọ̀ṣọ́:
Mo ti pa “òṣùwọ̀n-àṣeyege” rẹ́. “Ẹ̀rí dà?” ni mo kọ sókè pátákó báyìí, “mo ti” mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìka, àyà àti ètè ló kàn. Màá mú ìwé márùn-ún mìíràn, màá sì sọ iye tó bá tèmi mu fún yín.