Oníbàárà mi ní orúkọ tí mo mú wá gùn jù, wọ́n sì jẹ́ ti àjèjì: kí ni kí n ṣe?

Ayàwòrán Ẹ̀gbẹ̀ (olùbéèrè)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Màmá kan ní Ìsánlú ni ó gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n wá orúkọ fún ọjà òun, kí n sì ya ìwé tí wọn yóò máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ìdajì owó ni ó san, ìdajì náà sì ti bá epo jẹnẹrétọ̀ lọ, nítorí pé tiransifọ́mà àdúgbò wa ti jó, kò sì sí ẹni tó bìkítà. Mo jókòó, mo ronú, mo sì kọ ọ̀pọ̀ orúkọ ránṣẹ́ sí i, àwọn orúkọ tí ènìyàn lè gbé dé ibikíbi kí ojú má tì í. Èsì tí mo rí gbà kò ju pé wọ́n gùn jù, wọ́n sì jẹ́ ti àjèjì. Kò sọ èyí tó gùn, kò sọ èyí tó jẹ́ ti àjèjì. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àbújá tún pè mí, ó ní kí n máa ṣe iṣẹ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n dá owó wọn padà ni, àbí kí n kọ òmíràn? Bí mo bá sì kọ òmíràn, kí ni kò ní jẹ́ kí n tún kọ irú èyí tí wọ́n ti kọ̀?

Olùkọ́ Ìyàrá
Ìṣòro ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ni pé ẹ rò pé ohun tí ò bá dún bí èdè òyìnbó kò níyì. Màmá ti sọ ohun tó fẹ́. Fún un ní orúkọ Yorùbá tó kúrú, kí ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá Aláṣọ Kábà
Ẹ má bínú sí ọmọ náà, Olùkọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo ń ṣí ìsọ̀ mi nìyẹn. Gbogbo orúkọ àkọ́bí mi ni mo ní kí wọ́n kọ, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sí Ọlọ́run. Ẹni tó kọ ọ́ fún lẹ́tà náà pọ̀ mọ́ra títí tí ẹni tó wà lórí ọ̀kadà kò fi lè rí i kà. Àwọn oníbàárà sì ń pe ìsọ̀ náà ní "ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ oníbúrẹ́dì", bẹ́ẹ̀ èmi kò ta búrẹ́dì rí. Ẹ wo Màmá Níkẹ̀ẹ́ ọmọ Ògìdì wa, orúkọ ara wọn tó kúrú ni wọ́n fi sí ilé iṣẹ́ ọnà wọn, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà, fi orúkọ màmá yẹn sí iwájú ìsọ̀ rẹ̀.

Atẹ̀wé Lọ́kọ́ja
Ìyá wa, kì í ṣe ìsọ̀ ni ó ń sọ, ọjà tí wọ́n ń di ni. Ayàwòrán, o ti sọ nípa iná, owó àti ọmọ Àbújá, ṣùgbọ́n o kò sọ ohun tí a fi lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Kí ni màmá náà ń tà? Inú kí ni wọ́n ń dì í sí, báwo sì ni ojú ibi tí orúkọ yóò wà ṣe fẹ̀ tó? Ta ni yóò máa pe orúkọ náà, ṣé oníbàárà inú ilé ìtajà ńlá ni àbí ọmọ tó ń tajà lójú fèrèsé mọ́tò? Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kọ díẹ̀ nínú àwọn orúkọ tí wọ́n kọ̀ síbí kí a rí i.

Ayàwòrán Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ ṣé, sà. Kajú sísun ni ó ń tà, inú ìgò ike kékeré ni wọ́n ń dì í sí. Lára àwọn orúkọ tí mo kọ ni Anakadia, Kajuvela, àti Adùn Ilẹ̀ Kaàárọ̀-Oòjíire. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò dédé hùmọ̀ wọn. Inú orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún igi kajú ni mo ti yọ Anakadia, lẹ́tà mẹ́jọ péré ni ó sì ní, nítorí náà n kò mọ ibi tó ti gùn. Olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ ní kí n lo Yorùbá. Ẹ̀kẹta yẹn kì í ha ṣe Yorùbá?

Olùkọ́ Ìyàrá
Yorùbá ni. Bí màmá bá ní èyí jẹ́ ti àjèjì, a jẹ́ pé ó kàn ń wá ẹ̀sùn ni.

Ọmọ Ìsánlú
Kì í ṣe ẹ̀sùn, Olùkọ́, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìyàrá lóòótọ́. Ní ilẹ̀ Yàgbà, ta ni ń jí tí ń kí ènìyàn ní "kaàárọ̀, oòjíire"? "Òkun" ni à ń kí ara wa, láti Kábà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, òun ni gbogbo wa sì fi ń jẹ́ ọmọ Òkun. Bí wọ́n bá gbé ìgò kajú Ìsánlú sí iwájú mi pẹ̀lú orúkọ yẹn, n óò rò pé láti Ìbàdàn ni wọ́n ti kó o wá.

Olùkọ́ Ìyàrá
Ṣé o fẹ́ sọ pé a kì í ṣe Yorùbá ni?

Ọmọ Ìsánlú
Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni à ń kí ara wa. Kí ó sọ ọ́ ní Kajú Òkun tàbí Kajú Ìsánlú, kí gbogbo wa lọ sùn.

Atẹ̀wé Lọ́kọ́ja
Ẹ jẹ́ ká tú ẹ̀sùn màmá sí méjì, nítorí pé kì í ṣe orí orúkọ kan náà ni ẹ̀sùn méjèèjì dúró lé. Anakadia kò gùn, ti àjèjì ni. Kajuvela náà kò gùn, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò ní lẹ́tà tó wà láàárín rẹ̀. Ọmọ tó ń tajà ní gáréèjì yóò pè é ní "Kajufela", ẹni tó gbọ́ ọ yóò sì kọ "Kajufela" sínú fóònù rẹ̀ nígbà tó bá ń wá a, kò sì ní rí i. Ẹ̀kẹta gùn, ó sì tún jẹ́ ti ibòmíràn ní etí màmá. Mú ìwé tí o kọ ránṣẹ́, kí o kọ "gígùn" tàbí "àjèjì" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní àmì kankan ni o fi bẹ̀rẹ̀ padà.

Ní ti gígùn, má fi ojú inú wọ̀n ọ́n. Ìgò ike yípo, nítorí náà apá tí ojú lè rí lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ lára irú ìgò kékeré bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹ̀kẹta ní lẹ́tà 20. Bí o bá tẹ́ ẹ sórí ìlà kan, ààyè mílímítà 3 ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò ní, kò sì sí ẹni tó lè kà á láti inú mọ́tò. Orúkọ oní-lẹ́tà 8 yóò fún ọ ní mílímítà 7 ó lé díẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, kí o sì lọ dúró sí òdìkejì títì wò ó.

Ọmọ Ìsánlú, ìmọ̀ràn rẹ dára fún etí, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Òfin àmì ọjà ilẹ̀ wa, ti 1965, kì í sáábà gbà kí ẹnì kan gba orúkọ ìlú bí ó ṣe wà gẹ́gẹ́ bí àmì tirẹ̀ nìkan. Ẹlòmíràn ní Ìsánlú yóò kọ ọ́ sára tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, màmá kò sì ní rí ohunkóhun ṣe sí i. Òkun ti gbogbo wa ni, àti pé bí a ṣe kọ ọ́ yìí, ará Èkó yóò kà á sí omi ńlá, bí a bá sì yọ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀, ẹlòmíràn yóò kà á sí ohun tí a fi ń so ewúrẹ́.

Ìyá Aláṣọ Kábà
Èmi ṣì ń sọ pé orúkọ màmá ni. Kí ni àwọn ènìyàn ń pè é?

Ayàwòrán Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ ṣeun. N kò sọ èyí tẹ́lẹ̀ nítorí pé n kò kà á sí ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn awakọ̀ àti àwọn èrò tó ń gba Kábà kọjá máa ń béèrè "kajú Ìyá Dúdú", nítorí pé màmá náà dúdú, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ta á. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún mi nígbà tí a kọ́kọ́ rí ara wa, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ni ó ní ilé ìtajà ńlá tí òun ń bá sọ̀rọ̀ ní Àbújá kò ní gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ ní CAC sì gùn ju gbogbo èyí tí mo kọ lọ, ọ̀rọ̀ ìbùkún Olúwa ni ó kún inú rẹ̀, ọmọ náà sì ní n kò gbọdọ̀ yà kúrò lára rẹ̀.

Atẹ̀wé Lọ́kọ́ja
Háà! O ní orúkọ lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí. Ohun tí àwọn èrò ń pè kò ná màmá ní kọ́bọ̀, ó sì ti wà lẹ́nu wọn. Sọ fún ọmọ náà pé orúkọ CAC àti orúkọ ọjà kì í ṣe ohun kan náà. NAFDAC ń béèrè pé kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe oúnjẹ wà lára ìwé ìgò. Kí ọ̀rọ̀ ìbùkún gígùn yẹn lọ síbẹ̀, ní ìsàlẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké, kí ojú ìgò wá gba èyí tó kúrú.

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ dúró ná, sà. "Dúdú" lára kajú sísun? Ẹni tí kò mọ màmá yóò rò pé ó jó ni. Èmi tí mo ń ra kajú mọ̀ pé èyí tó bá ti dúdú kò dùn lẹ́nu mọ́.

Olùkọ́ Ìyàrá
Lórí èyí, mo gbà pẹ̀lú ọmọ yìí. Kí a lo Adú tàbí Dúdúyẹmí. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n, ẹni tó bá kà wọ́n kò ní ronú kan ìkòkò. A lè yọ àmì ohùn kúrò pátápátá kí a sì ṣì kà wọ́n bó ṣe yẹ.

Atẹ̀wé Lọ́kọ́ja
Olùkọ́ sọ òótọ́. Lẹ́tà 3 ni Adú, yóò tóbi lójú ìgò bí ìka ọwọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn kan ń jẹ́ ẹ ní orúkọ ìdílé, òfin kan náà tó kan orúkọ ìlú sì kan orúkọ ìdílé, nítorí náà wọ́n lè dá a padà bí a bá kọ ọ́ ní òun nìkan. Dúdúyẹmí gùn díẹ̀, wọ́n sì lè sọ ohun kan náà nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ojú ìgò. Èmi kò ní sá fún Ìyá Dúdú rárá bí wọ́n bá ya ojú màmá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé àwòrán ni yóò sọ ẹni tó dúdú.

Ayàwòrán, mẹ́ta péré ni kí o mú lọ lẹ́ẹ̀kejì, lórí ìgò gidi, má ṣe tò wọ́n sínú ìwé. Rí i dájú pé ìyá àti ọmọ jọ wà níbẹ̀. Ní kí màmá pe ẹnì kan lórí fóònù, kí ó dárúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni náà sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ kọ ohun tó gbọ́ ránṣẹ́ padà. Èyí tí wọ́n bá kọ ní àṣìkọ, yọ ọ́. Kí o tó tẹ̀wé fún wọn, kí wọ́n wá orúkọ náà wò ní ọ́fíìsì àmì ọjà ní Àbújá, ní ìsọ̀rí 29, níbi tí èso sísun máa ń wà.

Ìyá Aláṣọ Kábà
Kí o sì gba ìdajì owó tó kù kí o tó lọ o.

Ayàwòrán Ẹ̀gbẹ̀
Mo ti bá màmá sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ yìí. Nígbà tí mo dárúkọ Ìyá Dúdú, ó ní ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni. Ó fẹ́ rí Dúdúyẹmí náà lára ìgò. Adú kò wù ú, ó ní bí ẹni ń pe ọkùnrin ni ó rí létí òun. N óò wá ẹ̀kẹta tí yóò rọ́pò rẹ̀, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ Àbújá ti ka iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ nípa orúkọ CAC, kò tíì fèsì.