Kí la máa pe sísan owó lórí fóònù nínú àtẹ̀jáde?

Akọ̀wé, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Iléeṣẹ́ wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò sísan owó lórí fóònù, wọ́n ní kí n kọ àtẹ̀jáde rẹ̀ fún àwọn oníròyìn lédè Yorùbá. "Ìsanwó alágbèéká" ni mo kọ. Ṣé ó dáa? Báwo ni mo ṣe máa fi ránṣẹ́ tí wọn ò ní jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?

Tíṣà, Ọ̀yọ́: Ó dáa gan-an. Ṣebí ẹ̀rọ alágbèéká là ń pe fóònù, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Èmi ì bá tiẹ̀ fi "Ìkéde Pàtàkì" ṣe àkọlé rẹ̀ kó lè níyì.

Bàbá Oníròyìn: Tíṣà, ẹ ṣeun, ti ẹ̀rọ alágbèéká yẹn ò ní àríyànjiyàn, àmọ́ fóònù là ń gbé káàkiri, kì í ṣe ìsanwó. Ẹ ka "ìsanwó alágbèéká" sétí àwọn tó ń tajà ní ọjà Tákìé, alájọ tó ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí ìkejì ni wọ́n máa rò. "Sísan owó lórí fóònù" ni ẹni tó ń ka ìròyìn máa sọ, ó gùn díẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ kò sẹ́ni tó máa béèrè ìtumọ̀ ẹ̀.

Ti "Ìkéde" yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ní rédíò wa níbí, ìkéde lohun téèyàn ń sanwó fún, ìkéde òkú, ìkéde ẹni tó sọnù. Tí wọ́n bá ti rí i lókè ìwé, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba owó ìpolówó ni wọ́n máa darí yín sí, olóòtú ìròyìn ò tiẹ̀ ní kà á. Akọ̀wé, ẹ fi gbólóhùn àkọ́kọ́ yín ránṣẹ́ ká rí i.

Akọ̀wé: Ẹ wò ó sà: "Inú iléeṣẹ́ wa dùn láti kéde ètò ìsanwó alágbèéká tó yá, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, tí Báńkì Àpapọ̀ fọwọ́ sí."

Bàbá Oníròyìn: Inú yín dùn, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa lò ó ṣáájú: "Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwọn tó ń tajà ní ọjà Tákìé lè gba owó lórí fóònù kékeré tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì." Ibi, ọjọ́, èèyàn, gbogbo ẹ̀ ti pé, wọ́n á kà á tán kí wọ́n tó mí.

"Ọ̀fẹ́" yẹn ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé kóòdù ni wọ́n máa tẹ̀, bíi *123#, láti oṣù kẹfà 2025 ni àwọn iléeṣẹ́ fóònù ti ń yọ ₦6.98 nínú káàdì ìpè oníbàárà fún ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbà á lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, oníròyìn tó bá sì dán an wò á rí i. Ẹ kọ pé "iléeṣẹ́ wa ò gba owó kankan", kẹ́ ẹ wá sọ ti káàdì sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. "Báńkì Àpapọ̀ fọwọ́ sí" náà ò tó, ẹ sọ irú ìwé àṣẹ tó wà lọ́wọ́ yín, torí pé oríṣiríṣi ni wọ́n ń fúnni, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló gbà kéèyàn tọ́jú owó àwọn aráàlú.

Ìyá Aláṣọ, Tákìé: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè forúkọ sílẹ̀ níbí? Ẹnì kan ra áńkárá lọ́wọ́ mi, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ hàn mí lórí fóònù tiẹ̀ pé owó ti wọlé, mo gbé ọjà fún un, títí di alẹ́ mi ò rí kọ́bọ̀.

Bàbá Oníròyìn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, kì í ṣe ibi ìforúkọsílẹ̀ nìyí o. Àmọ́ Akọ̀wé, ẹ gbọ́ ohun tí Màámi sọ un, ìbéèrè tí gbogbo oníròyìn máa bi yín nìyẹn: báwo ni olọ́jà ṣe máa mọ̀ pé owó wọlé lóòótọ́? Kí ìdáhùn ẹ̀ wà ní ìpínrọ̀ kejì: kó má wo fóònù oníbàárà, kó tẹ kóòdù lórí tiẹ̀ kó wo iye tó wà níbẹ̀. Òun ni kẹ́ ẹ sì sọ tẹ́ ẹ bá ń pe olóòtú, kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́ yín.

Inú Wásáàpù ni kẹ́ ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà sí, kì í ṣe pídíẹ́fù, kí wọ́n lè gé e lò. Ẹ fi ohùn yín ka orúkọ ètò náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ kí wọ́n má ṣì í pè, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà ẹni tó máa gbé fóònù sí i.

Akọ̀wé: Ẹ ṣé gan-an sà. A ò fẹ́ kí wọ́n gbé e jáde ṣáájú ọjọ́ Ajé o, kí là ń pe ìyẹn?

Tíṣà, Ọ̀yọ́: "Ìsénu ìròyìn". Ó ṣe ṣókí, ó sì yé èèyàn.

Bàbá Oníròyìn: Ìsénu dún bí ìgbà tí ìjọba di èèyàn lẹ́nu, Tíṣà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbọọrọ: "Ẹ má gbé e jáde títí di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé." Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n gbà kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, torí ẹni tí ò bá yín ṣàdéhùn lè gbé e jáde lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́.

Tíṣà, Ọ̀yọ́: Ìsénu ni mo ṣì fara mọ́ o. Kí ẹlòmíì náà dá sí i.