Lẹ́tà abala 25 wà lọ́wọ́ mi o, ẹ gbà mí!

Ìyá Ìbejì (Pẹ́kámù): Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti oṣù kẹta ni lánlọ́ọ̀dù ti fún mi ní lẹ́tà abala 25 ti Òfin 1954, èyí tó ń sọ ọjọ́ tí àdéhùn ṣọ́ọ̀bù mi máa parí. Ó ní òun ò kọ̀ kí n gba ìwé àdéhùn tuntun, àmọ́ owó ṣọ́ọ̀bù á kúrò ní £18,000, á di £24,000. Ajẹ́ńtì rẹ̀ ń fèsì ímeèlì mi dáadáa, ó ní a máa yanjú ẹ̀. Ọjọ́ tó wà nínú lẹ́tà ni 30 oṣù kẹsàn-án, ó sì ti kù dẹ̀dẹ̀. Òrùlé ń jò, wọ́n ní èmi ni n ó tún un ṣe. Mo sì ti gba aránṣọ kan sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Oorun ò kùn mí mọ́!

Bọ̀dá Wálé (Mánṣẹ́sítà): Ẹ fọkàn balẹ̀, màámi. Ṣé ẹ kọ̀wé padà láàárín oṣù méjì? Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́, ó parí.

Àǹtí Fọlákẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò nínú òfin láti oṣù kẹfà 2004. Kóòtù ló kù báyìí. Ìyá Ìbejì, kí ọjọ́ yẹn tó kọjá, ọ̀kan nínú nǹkan méjì gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀: kí fọ́ọ̀mù N208 yín, tẹ́ ẹ fi ń bẹ kóòtù fún àdéhùn tuntun, ti wọ kóòtù, tàbí kí ẹ̀yin àti lánlọ́ọ̀dù ti fọwọ́ sí i pé ẹ sún ọjọ́ náà síwájú. Tí ọjọ́ bá kọjá láìsí èyíkéyìí, ẹ̀tọ́ yín ti lọ nìyẹn. Adájọ́ ò lágbára láti dá a padà, kódà kó káàánú yín.

Bọ̀dá Wálé: Ṣùgbọ́n ajẹ́ńtì ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣé ímeèlì kì í ṣe ìwé ni?

Àǹtí Fọlákẹ́: “A máa yanjú ẹ̀” kì í ṣe àdéhùn láti sún ọjọ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ń já sí kòtò. Ajẹ́ńtì ò purọ́, ó kàn ń rẹ́rìn-ín títí ọjọ́ fi pé ni. Ẹ ní kó kọ ọjọ́ tuntun sílẹ̀ kedere, kí lánlọ́ọ̀dù tàbí lọ́yà rẹ̀ fọwọ́ sí i. Tí kò bá ṣe é lọ́la, kí lọ́yà yín lọ kóòtù. Ìdúnàádúrà lè máa lọ lẹ́yìn ìyẹn.

Túndé Gílásígò: Èmi náà gba lẹ́tà lóṣù tó kọjá. Ṣé kí n wá fọ́ọ̀mù yẹn?

Àǹtí Fọlákẹ́: Rárá o, Túndé! Òfin 1954 ò dé Skọ́tílándì. Tìrẹ yàtọ̀ pátápátá, wá lọ́yà níbẹ̀ lónìí.

Bọ̀dá Wálé: Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ owó tuntun ò lè wálẹ̀ láé, òkè nìkan ló ń lọ.

Sọ́jí Ajéwọlé: Àyẹ̀wò owó láàárín ọdún àdéhùn lẹ̀ ń sọ, ẹ̀gbọ́n. Tí àdéhùn bá parí, tí kóòtù bá ń dá owó, ohun tí ọjà ń san ni wọ́n ń wò, ó sì lè wálẹ̀. Ìyá Ìbejì, báwo ni ṣọ́ọ̀bù yín ṣe fẹ̀ tó?

Ìyá Ìbejì: Ìbú rẹ̀ mítà 5, gígùn rẹ̀ mítà 15.

Sọ́jí Ajéwọlé: Láti ojú fèrèsé, mítà 6.1 àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ka odidi owó sí. Èyí tó tẹ̀ lé e, 6.1 náà, ìdajì ni. Ìyókù, ìdá kan nínú mẹ́rin. Tiyín á jẹ́ 30.5, àti 15.25, àti 3.5: àpapọ̀ 49.25. £24,000 tí wọ́n ń béèrè já sí bíi £487 fún mítà onígun mẹ́rin kan. Ẹ wá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yá ní òpópónà yín, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n bákan náà. Ká ní ọ̀kan jẹ́ 42, tó ń san £16,800, £400 nìyẹn. Tiyín á wá di £19,700. Àtúnṣe tẹ́ ẹ fowó ara yín ṣe sí ṣọ́ọ̀bù, tí àdéhùn ò fipá mú yín ṣe, wọn ò gbọdọ̀ fi gbówó lé yín lórí.

Bọ̀dá Wálé: £400! Ní Mánṣẹ́sítà, iye yẹn á fi yàrá kún un.

Ọmọ Ìbàdàn Lọ́ńdọ̀nù: Yàrá tí òjò ń rọ̀ sí lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká gbádùn ariwo wa.

Bọ̀dá Wálé: Ariwo ọkọ̀ ọlọ́pàá!

Ìyá Ìbejì: Òrùlé ńkọ́?

Sọ́jí Ajéwọlé: Tí àdéhùn bá ní kẹ́ ẹ tún gbogbo ilé ṣe, tiyín ni, kódà kó ti ń jò kẹ́ ẹ tó dé. Àfi tí ìwé àti fọ́tò ipò ilé ti ọjọ́ àkọ́kọ́ bá so mọ́ àdéhùn.

Àǹtí Fọlákẹ́: Ti aránṣọ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ṣé ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀? Ṣé lánlọ́ọ̀dù fọwọ́ sí i? Ibi tí ẹlòmíì ń lò pátápátá lè bọ́ kúrò nínú èyí tẹ́ ẹ máa gbà padà.

Sọ́jí Ajéwọlé: Kò fi dandan jẹ́ bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ àyè ìjókòó lásán ló ń lò.

Àǹtí Fọlákẹ́: Kọ́kọ́rọ́ ló máa sọ. Ẹ tún wo àdéhùn àtijọ́ bóyá wọ́n ti yọ abala 24 sí 28 òfin náà kúrò, torí ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ yín sí àdéhùn tuntun wà. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, gbogbo ohun tí a sọ yìí dòfo.

Ọmọ Ìbàdàn Lọ́ńdọ̀nù: Ní Dùgbẹ̀, lánlọ́ọ̀dù á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pariwo, o máa mọ̀ pé ó ń bínú. Tibí ń kọ “ẹ kú iṣẹ́” sóri ímeèlì.

Túndé Gílásígò: Àárò Dùgbẹ̀ ń sọ mí o.

Ìyá Ìbejì: Aránṣọ ní kọ́kọ́rọ́ méjì.

Bọ̀dá Wálé: Méjì kẹ̀?!